Ìbéèrè Tí Wọn Kò Bi Ọwọ́ Ọ̀tún

A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Àgbà kì í purọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà kò bá Ọwọ́ Ọ̀tún ṣiṣẹ́ rí. Nọ́ọ̀sì tíátà ni obìnrin náà. Òun ló máa ń dúró ti dókítà tó bá ń ṣiṣẹ́ abẹ, tó máa ń na irinṣẹ́ sí i kó tó béèrè, ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá, àgbà dókítà tó ń tọ́jú àwọn obìnrin nílé ìwòsàn náà, fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ. Àárín dókítà ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a, àárín wọn ni ilẹ̀ ń ṣú bá a, síbẹ̀ ara tirẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò wò.

Ohùn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí aláìsàn bá ti wà lórí tábìlì, tí ojú rẹ̀ ṣì là, Ọwọ́ Ọ̀tún á béèrè sókè: Kí lorúkọ yín? Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín? Ìwé ìfọwọ́sí dà? Ǹjẹ́ oògùn kan wà tí ara yín kì í gbà? Ǹjẹ́ ewu wà pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yìí lè dà jù? Ọ̀gá ló fi òfin náà lélẹ̀, kò sì fi ṣeré: bí ìdáhùn kan ṣoṣo kò bá yéni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kun aláìsàn lóorun, ìbáà jẹ́ ìyá ọba ló sùn síbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá gbé òkú wọlé, Ọwọ́ Ọ̀tún á bi í ní ìbéèrè márààrún kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ikùn obìnrin kan wà ní ṣíṣí níwájú wọn nígbà tí Ọwọ́ Ọ̀tún mọ̀ pé nǹkan gbígbóná kan ń ṣàn wálẹ̀ ní itan òun. Páàdì méjì ló tò léra wọn láàárọ̀, wọ́n ti kún. Ẹni tó bá sì ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ, tó ti fọwọ́ dé ìgúnpá, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ara rẹ̀ mọ́. Kò lè sọ pé "ẹ dúró ná, mò ń bọ̀" nígbà tí iṣan ẹlòmíràn ń tú ẹ̀jẹ̀. Ó fún itan mọ́ra. "Òwú," ni Ọ̀gá wí. Ó na òwú. "Àlùmọ́gàjí." Ó na àlùmọ́gàjí. Ẹ̀jẹ̀ náà dé orúnkún, ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó wọ inú bàtà rọ́bà, ó sì ń gbá jọ síbẹ̀ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Iná ńlá orí tábìlì ti ń di méjì lójú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́, kò sì rí ẹni tó máa ké sí. Ẹ ò rí ìdẹkùn!

Wọ́n rán ikùn obìnrin náà tán, ó yí padà láti jáde, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì hàn pupa lórí ilẹ̀.

"Ọwọ́ Ọ̀tún!" Ọ̀gá ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́. "Tìẹ nìyí?"

"Nǹkan oṣù ni, sà. Tèmi máa ń pọ̀ ni."

"O sì dúró tì mí bẹ́ẹ̀? Orí ẹ dá pé báyìí? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìndínlógójì, sà."

"Ìju ni. Lọ bá àwọn onísíkáànù, sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Má tò lẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

Bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn, ní ìdúró, ní ọ̀nà àbákọjá tó wà láàárín ibi ìfọwọ́ àti ibi tí wọ́n ń kó aṣọ eléèérí sí. Obìnrin tó bá ti òde wá, wọn ì bá fi í sórí àga, wọn ì bá bi í ní ìbéèrè títí yóò fi bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tiwa ni, ta ló ń bi ẹni tiwa ní nǹkan?

Síkáànù rí kókó ìju kan lára ilé ọmọ rẹ̀, kò tó ẹyin ẹyẹlé. "Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá wí, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní òun fúnra òun yóò yọ ọ́, kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sí méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún, níbi tó ti yẹ kó tó mẹ́rìndínlógójì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá na apá sílẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tiwọn pamọ́ dè é. Bàbá ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe, gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, ó dúpẹ́ dúpẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún fóònù. Gbogbo ènìyàn ló ṣoore. Ẹni tí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe lóore, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ pé ẹ̀rù ń ba òun?

Ẹ̀rù sì ń bà á. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, láti ọjọ́ yìí ni òun àti bàbá ọmọ náà sì ti ń retí èkejì. Ìwé ìfọwọ́sí wà níwájú rẹ̀, ó mọ ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí: bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù lórí tábìlì, mo gbà kí wọ́n yọ ilé ọmọ mi láti gba ẹ̀mí mi là. Òun náà ti na ìwé yìí sí àìmọye obìnrin, tó ń sọ fún wọn pé "ẹ má wulẹ̀ kà á, ìwé lásán ni." Ó ti rí àwọn tí kò jẹ́ ìwé lásán fún. Ó fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ sùn sílé ìwòsàn, ó bá ọmọ rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ tó ń fọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀jẹ̀ ti rin. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ṣì wà lórí ìkọ́.

"O ò lọ síléèwé?"

"Inú ń run mí, Mọ́mì. Ó sì tún kún bó ṣe máa ń kún."

"Pẹ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa nílé wa. Màmá mi bẹ́ẹ̀, èmi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa ló pọ̀. Fún ara ẹ ní okun." Ó fún un ní oògùn ìrora kan nínú àwọn tí òun náà máa ń lò, ó sì gbé báàgì rẹ̀ jáde.

Dókítà tó gbà á wọlé sí wọ́ọ̀dù, obìnrin ni, kò tíì pé oṣù kan tó dé, Dókítà Tuntun ni gbogbo wọn sì ń pè é. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìgò ojú rẹ̀ tóbi, kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jókòó, Àǹtí."

"Kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe? Ọ̀gá ti parí gbogbo ẹ̀. Bàbá Oorun náà ti rí mi." Bàbá Oorun ni dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun. Rírí tó rí i kò ju kó yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, kó rẹ́rìn-ín, kó ní "Ìwọ, kí ni mo fẹ́ bi ẹ́?" kó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣe bí ẹni pé n kò mọ̀ yín rí. N kò sì mọ̀ yín lóòótọ́. Ìtọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yẹ̀ wò. Obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń dà, oyún ni mo kọ́kọ́ ń fura sí."

"Mo mọ̀ pé n kò lóyún, Dókítà."

"Àwọn kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ọ̀kan nínú wọn ti ń ra bàtà ọmọ báyìí."

Kò lóyún. Ọwọ́ Ọ̀tún jókòó, orí àga aláìsàn, èyí tó ti ń nù fún ọdún pípẹ́ láìmọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Dókítà Tuntun bẹ̀rẹ̀. Ṣé nǹkan oṣù náà ń wá lásìkò? Ó ń wá lásìkò, bí owó ilé. Ṣé ó ń yọ láàárín oṣù, tàbí lẹ́yìn tí òun àti ọkọ bá wà pọ̀? Rárá. Ṣé ó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tàbí oògùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Kò lò ó. Oògùn ìrora ńkọ́? Ó ń lò ó bó bá ti ń ṣe nǹkan oṣù.

"Ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀?"

Ìbéèrè yìí ni kò sẹ́ni tó bi í rí.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́," ló wí. "Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Kíláàsì ló ti dé, wọ́n fi ìró bò mí lọ sílé."

"Ẹ ti yọ eyín rí?"

"Mo yọ ọ̀kan. Oníṣègùn eyín náà bínú sí mi, ó ní mò ń fi ahọ́n kàn án. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀jẹ̀ yẹn tó dá."

"Nígbà tí ẹ bímọ?"

"Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Ọ̀gá ní ọmọ ló tóbi."

"Imú yín ń ṣẹ̀jẹ̀? Ara yín máa ń dúdú láìjẹ́ pé nǹkan gbá yín?"

Ó gbé apá sókè. Ibi tí wọ́n so okùn ìwọ̀n ìfúnpá mọ́ láàárọ̀ ti dúdú bí ẹni tí wọ́n lù. Dókítà Tuntun wo apá náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Màmá yín ńkọ́?"

Ọwọ́ Ọ̀tún kò fẹ́ sọ̀rọ̀ màmá rẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sórí àga náà, ó ti jókòó ná. "Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà máa ń pọ̀. Wọ́n ní ìju ni. Wọ́n gbé e wọ tíátà, wọ́n yọ ọ́ tán, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ilé ìwé ni mo wà. Wọ́n ní ayé ló ṣe é." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bínú pé ó bọ́.

Dókítà Tuntun jẹ́ kó nu ojú tán. Ó yẹ ojú ilé ọmọ rẹ̀ wò pẹ̀lú iná, ó ní ibẹ̀ mọ́, kò sí egbò, kò sí ẹran tó yọ. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Àǹtí, ohun mẹ́sàn-án ló lè mú ẹ̀jẹ̀ obìnrin dà báyìí lẹ́yìn oyún. Mẹ́rin wà tí ojú tàbí síkáànù lè rí." Ó na ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún. "Ẹran kékeré tó so rọ̀ nínú ilé ọmọ. Kí awọ inú ilé ọmọ lọ hù sínú ẹran ara rẹ̀, kó wú. Ìju. Àti jẹjẹrẹ tàbí ohun tó ń lọ di jẹjẹrẹ." Ó na márààrún ọwọ́ òsì. "Márùn-ún wà tí síkáànù kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dì. Ẹyin tí kì í jáde lásìkò. Awọ inú ilé ọmọ fúnra rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Oògùn tàbí ohun tí dókítà fi sí ni lára. Àti èyí tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀."

"Tèmi sì ni ìju. Síkáànù rí i."

"Síkáànù rí ìju. Síkáànù kò sọ pé ìju ló ń da ẹ̀jẹ̀." Ó gbé àwòrán náà sójú iná. "Ẹ wò ó. Awọ ìta ló lẹ̀ mọ́. Ìju tó ń da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, èyí tó bá yọ sínú ilé ọmọ ni, tó ń tì mọ́ awọ inú. Èyí jókòó sẹ́yìn ilé, ẹ wá ní òun ló ń jalè nínú yàrá. Ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀, ká sì máa wá ẹlòmíràn."

Ó ń ká ìka náà kò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ọmọ kò wú, síkáànù kò rí ẹran tó so rọ̀. Nǹkan oṣù ń wá lásìkò, ẹyin ń jáde. Kò lo oògùn tó lè fà á. Jẹjẹrẹ ńkọ́? Ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta, tàbí tó sanra púpọ̀ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà rú, tàbí tí oògùn kò ràn, wọn á mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ọwọ́ Ọ̀tún kò tíì débẹ̀. Awọ inú tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa àti èyí tí kò lórúkọ, ìgbà tí wọn kò bá rí ohun mìíràn ni wọ́n tó ń dárúkọ wọn. Ìka kan ló ṣẹ́kù tó dúró gbọn-in lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ tó ń pọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, eyín, ìbímọ, apá, màmá yín. Mo rò pé àrùn àbímọ́ni kan ni, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Orúkọ rẹ̀ gùn, orúkọ dókítà tó ṣàwárí rẹ̀ ni. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lẹ èérún ẹ̀jẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ bí àtè. Tiyín kò pọ̀ tó. Oògùn ìrora tí ẹ ń lò sì tún ń dá kún un."

Ọwọ́ Ọ̀tún kò gbọ́ ìyókù. Tábìlì ló ń rí, àti Ọ̀gá tó ń gé, àti ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dá, àti ìlà ìsàlẹ̀ ìwé ìfọwọ́sí.

Àwọn méjèèjì lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí Dókítà Tuntun ní kí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́sàn-án náà, ó sì fi í lélẹ̀ níwájú wọn.

"Èérún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Àsìkò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń dì dára. Kí lẹ tún ń wá?"

"Àyẹ̀wò tí à ń ṣe níbí kì í sábà mú irú àrùn yìí, sà," ni Dókítà Tuntun wí, ohùn rẹ̀ sì ti kéré. "Ti pàtàkì ló ń mú un. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì tó dé."

"Ká máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó máa dà fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ìwọ tó dé lánàá fẹ́ kọ́ mi ní ìju?" Ó yíjú sí Ọwọ́ Ọ̀tún, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, rírọ̀ náà ló sì burú jù. "Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́ nígbà tí wọ́n ní o kéré? Ta ló gbẹ̀bí ọmọ ẹ? Ṣé èmi lè ṣe ẹ́ ní ibi?"

"Ẹ ò lè ṣe mí ní ibi, sà."

"Ó tán nìyẹn. Lọ sinmi. Ọ̀la la ó ṣe é."

Ní ìta, Dókítà Tuntun bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nù ún láìdẹ́kun. "Èmi ò lágbára láti dá a dúró, Àǹtí. Òun ló máa kọ ìwé bóyá kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá tàbí kí wọ́n lé mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá a dúró. Ara yín ni."

Ara rẹ̀ ni! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó rọrùn lẹ́nu. Bó bá kọ̀, ó ti kọ Ọ̀gá, ó ti da oore rẹ̀ nù, ó ti sọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di omi àfọwọ́dànù. Bí Dókítà Tuntun bá sì ṣìṣe, ojú wo ló fẹ́ fi wọ tíátà mọ́? Bó bá gbà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é gbé mì, kò ṣe é tu dànù. Ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ń gbàdúrà kí ẹnìkan bá òun pinnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a pinnu. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ kùkù ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, wọ́n tì í wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Láti ìsàlẹ̀, ó rí i pé eruku wà lẹ́yìn iná ńlá, níbi tí ojú òun kò dé láti ọjọ́ tó ti ń nù ún. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n na apá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n dè é bó ti yẹ. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá Oorun ti fa oògùn funfun rẹ̀ sínú abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tó dúró níbi tó jẹ́ ipò rẹ̀ wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹni tiwa kúkú ni. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ."

"Máa bá a lọ," ni Ọ̀gá wí láti ibi ìfọwọ́.

Bàbá Oorun mú okùn oògùn dání.

"Ẹ ò tíì bi mí," ni Ọwọ́ Ọ̀tún wí.

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má fi wá ṣẹ̀fẹ̀."

"N ò ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ ò tíì bi mí. Ta ló ń kun aláìsàn lóorun níbí láìbi í?" Ohùn tíátà náà ni, èyí tí gbogbo wọn mọ̀. Apá rẹ̀ wà ní dídè, kò lè nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, ó bá dojú kọ iná náà, ó sì bi ara rẹ̀ sókè. "Kí lorúkọ yín? Ọwọ́ Ọ̀tún lẹ̀ ń pè mí. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín? Wọ́n fẹ́ yọ ìju. Ìwé ìfọwọ́sí dà? Ó wà níbẹ̀, mo sì yọ ọwọ́ mi kúrò nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ ewu wà pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yìí lè dà jù?"

Bàbá Oorun sọ okùn oògùn náà sílẹ̀.

"Ó wà," ló wí. "Màmá mi kú sórí rẹ̀."

Ọ̀gá ti dé ẹnu ọ̀nà, omi ń ro tótó ní ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń wò ó. Òfin rẹ̀ ni, òun ló fi lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá ọba. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì hàn pé ó dùn ún wọra. "Ẹ tú u," ló wí níkẹyìn, ó sì jáde láìwo ẹ̀yìn.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà. Dókítà Tuntun ní kó jáwọ́ nínú oògùn ìrora tó ń lò, ó fún un ní òmíràn tí kò ní dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ dídì. Ó fa oògùn tó ní irin sí i níṣan kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè padà. Ó wá fún un ní oògùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tètè yọ́, pé kó máa lò ó ní kìkì ọjọ́ tó bá ń ṣe nǹkan oṣù. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi sínú ilé ọmọ, tí oògùn inú rẹ̀ ń dín ẹ̀jẹ̀ kù gan-an, ṣùgbọ́n kò lè lóyún bó bá wà níbẹ̀, ó sì fẹ́ ọmọ, torí náà wọ́n pa ìyẹn tì.

Ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kò rọrùn. Bó bá wọ yàrá oúnjẹ ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Wọ́n ní Dókítà Tuntun ti kó sí i lórí, wọ́n ní ó ti ń ṣe fọ́ńté. Ọ̀gá lọ fún ìsinmi láìdágbére fún un. Nǹkan oṣù rẹ̀ sì dé, ó ń retí ìkún omi bó ṣe máa ń rí, ó to páàdì léra wọn, ó tẹ́ rọ́bà sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó jí láàárọ̀, rọ́bà gbẹ. Ó jókòó sórí rẹ̀, kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó bú sẹ́kún.

Inú yàrá tí wọ́n ti ń se irinṣẹ́ ni Ọ̀gá ti bá a nígbà tó ti ìsinmi dé. Ìwé èsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jókòó lórí àga, orí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ló jókòó sí.

"Àtè inú ẹ̀jẹ̀ ẹ kò tó ìdajì," ló wí. "Wọ́n ní ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dáni lójú, ṣùgbọ́n òun náà ni." Ó ká ìwé náà, ó tún tú u. "Ǹ bá ti yọ ìju yẹn tán. Ǹ bá máa wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀, n ò sì ní rí i. Ilé ọmọ ni ǹ bá yọ tẹ̀ lé e, kò sì ní dá síbẹ̀. N ò bi ẹ́ ní nǹkan kan, Ọwọ́ Ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sí mi ni mo máa ń bi."

"Èmi náà ò bi ara mi, sà."

Ọ̀gá ti dìde, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, nígbà tó yíjú padà.

"Ọmọbìnrin tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ yẹn. Ó ti ń ṣe nǹkan oṣù?"

Ẹ̀mú irin tó wà lọ́wọ́ Ọwọ́ Ọ̀tún bọ́ sílẹ̀. Àṣé òun kò tíì jáde kúrò nínú ìdẹkùn náà! Òun ti jókòó lórí àga yẹn, òun ti ka eyín, òun ti ka ìbímọ, òun ti sọ̀rọ̀ màmá òun tòmijé tòmijé, òun ò sì rántí ọmọ tó wà nínú ilé ìwẹ̀ tó ń fọ aṣọ. Òun tilẹ̀ tún fún un ní oògùn. Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó jáde.

Ó bá ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ara rẹ̀ jọ bí ìgbín, ètè rẹ̀ funfun. Báwo ni òun kò ṣe rí ètè yẹn? Ètè aláìsàn ló kọ́kọ́ máa ń wò ní tíátà. Ó gbé àga kan wá láti yàrá oúnjẹ, ó sì fi í síwájú bẹ́ẹ̀dì.

"Dìde, ọmọ mi. Wá jókòó."

"Mọ́mì, mo ti gbìyànjú láti fún ara mi lókun bí ẹ ṣe wí. Ẹ má bínú."

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Ó rọra gbé ọmọ náà sórí àga, òun fúnra rẹ̀ sì kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Apá òsì rẹ̀ ti dúdú níbi tí okùn báàgì ilé ìwé ti gba kọjá.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Mọ́mì. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni tiwa."

"Ṣe bí ẹni pé n kò mọ̀ ẹ́ rí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."